Bí a ṣe ń dá àkókò fún àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù Áńdírọ́ìdì

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa nínú dáńfó láti Ọ̀bálẹ́ǹdé, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ní Balógun tàbí Òkè-Àrín tí ẹ fi ìyẹ̀rí etí sí etí kan, tí ẹ fi etí kejì gbọ́ oníbàárà, ẹ kú ọjà o. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á dípò kí ẹ gbọ́ ọ, gbogbo ohun tí mo sọ ló wà nísàlẹ̀ yìí, ẹ kàn máa bá a lọ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú fóònù yín lọ́wọ́.

Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ ṣe lónìí. A fẹ́ kọ àtẹ̀jíṣẹ́ nísinsìnyí, ká sì ní kí fóònù fi í ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ àti wákàtí tá a bá fẹ́. Kì í ṣe Wáásáàpù ni mò ń sọ o. Tẹ́ẹ̀sì gan-an ni, èyí tó ń wọlé sórí fóònù kékeré màmá àgbà tí kò ní dátà.

Ọ̀rọ̀ àjọ ọjọ́ Ẹtì

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń ta lééṣì ní Ìdúmọ̀tà, Ìdúmàgbò ló ń gbé. Òun ló ń kó àjọ fún àwọn mẹ́jọ kan, òun náà sì wà nínú wọn. Ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan á dá ₦20,000, ẹni tó kàn á sì kó ₦160,000. Aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń pa á dé, torí ẹni tó bá kó o lọ́jọ́ náà á fẹ́ sáré lọ sanwó ọjà kí ẹni tó bá a fi ọjà pamọ́ tó ti ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá gbàgbé, ₦140,000 ni tọ̀hún á bá. Ọlọ́jà kò ní fi ọjà ₦160,000 fún un lórí ìyẹn, ọjà á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì.

Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ rán wọn létí. Àmọ́ ọjọ́ Ẹtì ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń dí jù lọ. Àárọ̀ ni àwọn tó ń ra aṣọ ẹbí fún òde ọjọ́ Sátidé ń rọ́ wá. Bó bá ti di ọ̀sán, àwọn tó ń lọ kí Jímọ́ọ̀ ní Mọ́ṣáláṣí Àpapọ̀ tó wà ní òpópónà Nnamdi Azikiwe á ti kún ojú ọ̀nà, àwọn kan nínú àwọn alájọ náà á sì ti pa fóònù wọn. Aago 11 àárọ̀ ni ìránnilétí yẹn ti gbọ́dọ̀ wọlé, kí wọ́n lè fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n tó lọ ṣe àlùwàlá. Aago 11 yẹn gan-an sì rèé, ọwọ́ rẹ̀ ti há sínú téèpù àti sìsọ́ọ̀sì.

Ọjọ́bọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń dilẹ̀. Ìmọ́tótó ọjà ni wọ́n ń ṣe ní Ọjọ́bọ̀ ní Èkó, ṣọ́ọ̀bù kì í sì í ṣí títí di aago 10. Nígbà yẹn ló máa ń jókòó sílé kọ àtẹ̀jíṣẹ́ méje, á dá aago 11 ọjọ́ Ẹtì fún wọn, ó parí. Ẹ jẹ́ ká ṣe é pọ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Áàpù tá a máa lò ni Google Messages. Àmì rẹ̀ jẹ́ búlúù, ó dà bí àpótí ọ̀rọ̀, `Messages` ni wọ́n sì kọ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù tuntun, yálà Tẹ́kínò, Íńfínísì tàbí èyí tó yàtọ̀ sí wọn, ló bá a wá láti ilé iṣẹ́. Bí tiyín kò bá ní i, ẹ wọ Play Store, ẹ wá `Google Messages`, ẹ fi í sórí fóònù. Bí ẹ bá ti ṣí i, á bi yín bóyá kó di áàpù tí ẹ ń fi gba àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ gbà fún un. Bí ẹ kò bá gbà, kò ní lè bá yín rán nǹkan kan.

Oṣù February ọdún 2021 ni Google kéde pé ohun tá a fẹ́ lò yìí ti wà fún gbogbo èèyàn, lórí fóònù tó ń lo Áńdírọ́ìdì 7 lọ sókè. Bí ẹ bá ní áàpù náà tí ẹ kò rí ohun tí mo fẹ́ sọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí ẹ ti ṣe é ní `Update`. Ẹ padà sí Play Store, ẹ tẹ `Update`.

Ohun kejì ni aago fóònù yín. Aago yẹn ni áàpù ń tẹ̀ lé. Ẹ wọ `Settings`, ẹ wá `Date & time`, kí ẹ rí i pé fóònù fúnra rẹ̀ ló ń gba àkókò láti ọ̀dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹni tó bá ti yí aago fóònù rẹ̀ síwájú nítorí géèmù, aago 11 tirẹ̀ kì í ṣe aago 11 Èkó mọ́.

Ìgbésẹ̀ rẹ̀ rèé

Ìkíní. Ẹ ṣí `Messages`, ẹ tẹ `Start chat`, ẹ mú orúkọ ẹni tí ẹ fẹ́ kọ̀wé sí. Bí ẹ bá ti jọ ń kọ̀wé síra yín tẹ́lẹ̀, ẹ kàn ṣí ojú ewé tẹ́ ẹ ti jọ ń sọ̀rọ̀.

Ìkejì. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sínú àpótí ìsàlẹ̀. Ẹ má tíì tẹ ohunkóhun.

Ìkẹta, ibí yìí ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ wo àmì ọfà tí ẹ máa ń tẹ̀ láti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ kí ẹ ká ọwọ́ kúrò. Ẹ fi ìka lé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ìka yín wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Bí ẹ bá yára gbé ìka, ọ̀rọ̀ á lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, kó kọ́kọ́ fi nọ́ńbà ara rẹ̀ kejì tàbí ti àbúrò rẹ̀ dán an wò.

Ìkẹrin. Pátákó kékeré kan á jáde. Á fún yín ní àkókò mẹ́ta tí áàpù fúnra rẹ̀ yàn, bí aago 6 ìrọ̀lẹ́ òní, aago 9 alẹ́ òní àti aago 8 àárọ̀ ọ̀la. Aago 11 kò sí níbẹ̀, nítorí náà ẹ tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn:

```
Select date and time
```

Ìkarùn-ún. Kàlẹ́ńdà á ṣí. Ẹ mú ọjọ́ Ẹtì, ẹ tẹ `Next`. Aago á tẹ̀ lé e. Ẹ mú 11, ẹ mú 00, kí ẹ sì wo `AM` àti `PM` dáadáa kí ẹ tó kọjá. `AM` ni àárọ̀. Bí ẹ bá fi sí `PM`, aago 11 alẹ́ ni ọ̀rọ̀ á lọ, ìgbà yẹn àjọ ti túká, ẹni tó fẹ́ kó o sì ti sùn pẹ̀lú ìbínú. Ẹ tẹ `Next`, lẹ́yìn náà ẹ tẹ `Save`.

Ìkẹfà, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe. Bí ẹ bá ti tẹ `Save`, ẹ ó padà sójú ewé ọ̀rọ̀ yín, ẹ ó sì rí ọjọ́ àti àkókò tí ẹ mú lókè àpótí ìkọ̀wé. Kò tíì parí o. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nínú àpótí. Ẹ tún tẹ ọfà yẹn lẹ́ẹ̀kan, lọ́tẹ̀ yìí ní títẹ̀ lásán. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ á kúrò nínú àpótí, tí á bọ́ sí àárín ojú ewé, pẹ̀lú àmì aago kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmì aago yẹn ni ẹ̀rí yín. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ kò tíì dá àkókò fún nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Sámúsọ̀ǹgù tó ní áàpù tirẹ̀, ọ̀nà tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ ṣí ojú ewé ọ̀rọ̀, ẹ tẹ àmì ìròpọ̀ tàbí àmì mẹ́ta kóńkó tó wà níbẹ̀, ẹ wá `Schedule message`, ẹ mú ọjọ́ àti àkókò, ẹ tẹ `Done`, kí ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ kí ẹ sì tẹ ọfà. Ìyókù tí mo fẹ́ sọ kan yín náà.

Kọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n máa kà á

Ọ̀rẹ́ mi ń kọ̀wé ní Ọjọ́bọ̀, àmọ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa kà á. Bó bá kọ ọ́ pé "ọ̀la ni àjọ", ẹni tó rí i lọ́jọ́ Ẹtì á rò pé Sátidé ni. "Òní" ló gbọ́dọ̀ kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òní tirẹ̀ kọ́. Ọ̀nà tó dára jù ni pé kí ẹ fi orúkọ ọjọ́ náà kún un bí àyè bá wà.

Ìkíni náà ńkọ́? Àwa Yorùbá ní ìkíni fún gbogbo ìgbà. Ẹni tó jókòó ní alẹ́ tó kọ "ẹ kú alẹ́ o, mà", tó wá dá aago 8 àárọ̀ fún un, á mú kí àgbàlagbà máa wo fóònù bíi pé orí ọmọ náà ti yí. Ẹ kí èèyàn ní ìkíni àkókò tí ọ̀rọ̀ máa dé. Tí ẹ kò bá dá a lójú, "ẹ kú iṣẹ́" bá gbogbo ìgbà mu, ọlọ́jà kò sì ní kọ̀ ọ́.

Àmì orí ọ̀rọ̀ àti owó tó ń jẹ

Èyí kan àwa tá à ń kọ Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ. Tẹ́ẹ̀sì ní ojú ewé. Bí gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ bá jẹ́ lẹ́tà lásán tí kò ní àmì, ojú ewé kan gba 160, àti lẹ́tà àti àlàfo àti kọ́mà. Àmọ́ bí ẹyọ kan ṣoṣo bá wà nínú rẹ̀ tí ètò àtijọ́ yẹn kò mọ̀, irú bíi ẹ, ọ, ṣ tàbí àmì ₦, gbogbo ọ̀rọ̀ náà á bọ́ sí ètò míì, ojú ewé kan á sì wá gba 70 péré. Bó bá ju 70 lọ, ó ti di ojú ewé méjì, wọ́n á sì gba owó ojú ewé méjì.

Lẹ́tà tó ní àmì lókè tó tún ní kóńkó nísàlẹ̀, bíi ẹ́ tàbí ọ̀, fóònù máa ń ka ọ̀kan sí méjì. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí:

```
E ku ise o. Ojo ajo wa ni oni. E joo, e fi N20,000 ranse ki aago 4 irole to lu.
```

Lẹ́tà 79 ni. Ojú ewé kan ni, àyè púpọ̀ ṣì kù. Àmọ́ ta ni ó ń kà á? "Ojo" yẹn lè jẹ́ òjò, "ajo" yẹn lè jẹ́ àjò. Bí ẹ bá wá fi gbogbo àmì rẹ̀ sí i, á di 86, ó ti kọjá 70, ojú ewé méjì nìyẹn.

Ẹ má yọ àmì kúrò, ọ̀rọ̀ ni kí ẹ gé kúrú:

```
Ẹ kú iṣẹ́ o. Òní ni àjọ. Ẹ fi ₦20,000 ránṣẹ́ kí aago 4 tó lù.
```

Èyí jẹ́ 61 pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ojú ewé kan ni, ó yéni, kò sí òjò nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni tẹ́ẹ̀sì fi jẹ́ ₦4 ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn tí àjọ NCC gbà ní January 2025 kí àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi owó kún iye wọn dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di ₦6. Ẹni tó ń rán méje á san ₦42 fún ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ₦84 fún ojú ewé méjì, lọ́sẹ̀ kan. Ẹ fi 52 mú un, ẹ ó rí iye tí ọdún kan jẹ́: ₦2,184 tàbí ₦4,368.

Owó yìí, inú káàdì ìpè ló ti ń jáde o, kì í ṣe inú dátà. Èèyàn lè ní dátà 10GB kó má ní ₦6 lórí síìmù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ní lọ. Fóònù tó ní síìmù méjì tún ní tirẹ̀. Ẹ wo àmì síìmù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìkọ̀wé kí ẹ tó dá àkókò, kí ẹ rí i pé síìmù tó ní káàdì ni ẹ mú.

Ìyàtọ̀ kan wà. Bí inú àpótí ìkọ̀wé yín bá kọ `RCS message` dípò `Text message`, ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí náà ń lo irú áàpù yìí, dátà ló sì máa gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Ìgbà yẹn, ẹ kò nílò ka lẹ́tà. Àmọ́ dátà yín gbọ́dọ̀ wà ní títàn ní aago 11 ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó máa ń pa dátà rẹ̀ nítorí kó má tán, ìyẹn ni kó rántí.

Ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ kọ ọ́ sí

Wọ́n máa ń bi mí pé ṣé wọn ò lè kó àwọn méjèèje sínú ọ̀rọ̀ kan. Ẹ lè mú orúkọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ áàpù lè sọ ọ́ di irú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní `MMS`, ọ̀pọ̀ síìmù wa níbí ni wọn kò sì ṣe ètò rẹ̀ sí, ọ̀rọ̀ á kàn dúró sójú kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ owó ni. Bí èsì ẹni tí kò tíì rí ₦20,000 rẹ̀ san bá lọ wọ fóònù gbogbo ẹgbẹ́, ẹ ti dójú tì í. Ẹ kọ ti ẹnì kìíní, ẹ dì í mú, ẹ tẹ `Copy`, kí ẹ máa lẹ̀ ẹ́ sójú ewé àwọn tó kù, kí ẹ sì yí ìkíni padà fún ẹni tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí. Bí ọwọ́ bá ti mọ́ ọn, méje kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bí ẹ bá fẹ́ yí i padà

Ká ní aago 9 àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ti lù, ẹnì kan ti fi owó tirẹ̀ ránṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí. Ọ̀rọ̀ aago 11 rẹ̀ ṣì ń dúró o. Bí ẹ bá jẹ́ kó lọ, ẹni tó tètè sanwó ni ẹ ń sìn ní gbèsè yẹn, ó sì máa ń dunni.

Ẹ ṣí ojú ewé tiẹ̀, ẹ tẹ àmì aago tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀. Ohun mẹ́ta á jáde:

```
Update message
Send now
Delete message
```

Ìkíní ni ẹ ó tẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ tún ọ̀rọ̀ tàbí àkókò ṣe, ìkejì bí ẹ bá fẹ́ kó lọ báyìí, ìkẹta bí ẹ bá fẹ́ pa á rẹ́. Ẹni tó ti sanwó, ìkẹta ni tirẹ̀. Bí ẹ bá tẹ ìkíní, ẹ rántí pé ẹ tún gbọ́dọ̀ tẹ ọfà kẹ́yìn kí àmì aago lè padà.

Ohun tó máa ń jẹ́ kó má lọ

Ẹ jẹ́ kí èyí yé yín dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí ẹ dá àkókò fún kò sí lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Inú fóònù yín ló wà. Fóònù yín ló ń wo aago, òun náà ló máa tì í jáde. Bí fóònù bá kú ní aago 10:40 torí pé wọn ò mú iná wá láti àná, kò sí ẹni tó máa bá yín rán an ní aago 11. Bákan náà ni bó bá wà ní `Airplane mode`, tàbí bí ẹ bá wà nínú ilé kan tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò wọ̀. Bí ẹ bá tan fóònù padà, ẹ lọ wo àmì aago. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ tẹ `Send now`, tàbí kí ẹ pa á rẹ́ bí àkókò rẹ̀ bá ti kọjá. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kí ẹ̀yin tí ẹ ń pa fóònù lọ sí Jímọ́ọ̀ tàbí sí ìsìn má ṣe dá àkókò tó bọ́ sí àárín ìsìn.

Ẹni tó bá gbé síìmù rẹ̀ lọ sínú fóònù tuntun tún ní láti kọ ọ́ lákọ̀tun, torí inú fóònù àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ tó ń dúró wà.

Èyí tó fara pamọ́ jù ni ti bátìrì. Àwọn fóònù kan máa ń pa áàpù tí ẹ kò ṣí láti fi ṣọ́ bátìrì, Tẹ́kínò àti Íńfínísì sì ní áàpù `Phone Master` tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n bá pa `Messages` lóru, ọ̀rọ̀ lè má lọ títí ẹ ó fi ṣí i fúnra yín. Ẹ ó mọ̀ pé òun ni bí fóònù bá wà ní títàn, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, tí káàdì wà, síbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ lọ kìkì ìgbà tí ẹ ṣí áàpù. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ wọ `Settings`, kí ẹ wọ `Apps`, kí ẹ mú `Messages`, kí ẹ wá ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ bátìrì, kí ẹ sì fi sí `Unrestricted`.

Bí ó bá jẹ́ káàdì ló tán, ti ìyẹn hàn gbangba. Àmì aago á lọ, `Not sent` á wá sábẹ́ ọ̀rọ̀. Ẹ ra káàdì, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà kẹ́ ẹ tún un rán.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé ó dé ọwọ́ ẹni tí ẹ rán an sí, ẹ wọ ètò inú `Messages` fúnra rẹ̀, ẹ wọ `Advanced`, ẹ tan `Get SMS delivery reports`. Ó yàtọ̀ pé ọ̀rọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín, ó yàtọ̀ pé ó dé fóònù ẹnì kejì.

Ẹni tó wà lókè òkun

Ọ̀kan nínú àwọn méje yẹn ti kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Pẹ́kámù ló wà, kò sì kúrò nínú àjọ. Aago ẹni tó ń rán ọ̀rọ̀ ni fóònù ń tẹ̀ lé, kì í ṣe aago ẹni tó ń gbà á. Nígbà ẹ̀rùn wọn, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Èkó dọ́gba, 11 níbí, 11 lọ́hùn-ún. Àmọ́ láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù October títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù March, wọ́n á fà tiwọn sẹ́yìn ní wákàtí kan, aago 11 wa á sì jẹ́ 10 wọn. Ti Niu Yọ́ọ̀kì ló ní wàhálà. Aago 10 àárọ̀ Èkó jẹ́ aago 5 ìdájí níbẹ̀ nígbà ẹ̀rùn, ó sì jẹ́ aago 4 nígbà òtútù. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ gbèsè jí òun láago 4.

Iṣẹ́ tí mo fún yín rèé kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ mú nọ́ńbà ẹni tó sún mọ́ yín, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan sí i, ẹ dá ìṣẹ́jú mẹ́wàá síwájú fún un, ẹ ti fóònù pa lójú, kí ẹ fi sílẹ̀ lórí tábìlì láìfọwọ́ kàn án. Bó bá dé ní àsìkò, fóònù yín ṣeé gbọ́kàn lé. Bí kò bá dé, ẹ lọ wo bátìrì, káàdì àti síìmù bí mo ṣe tò ó lẹ́sẹẹsẹ yìí. Ìgbà tó bá ti dé lẹ́ẹ̀mejì ni kí ẹ tó gbé ọ̀rọ̀ owó èèyàn lé e lọ́wọ́.